Àlàfo Ló Yẹ Kó Ṣáájú: Lámèyítọ́ Lórí Bí A Ṣe Ń Yan Rẹsístọ̀ fún Kọ̀mpárétọ̀ Aláàlà Méjì

Ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ máa ń gbà ṣàlàyé kọ̀mpárétọ̀ tó ní ààlà méjì. Wọ́n á fún ọ́pù-áńpù ní iná fólítì 15 lókè òdo àti 15 nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní ẹnu ìjáde rẹ̀ ń dé ìpẹ̀kun méjèèjì, wọ́n á mú rẹsístọ̀ méjì tó bá wù wọ́n, wọ́n á wá bi akẹ́kọ̀ọ́ pé níbo ni ààlà òkè wà, níbo sì ni ti ìsàlẹ̀. Ìdáhùn á jáde, kò sì ní lábùkù. Ìbéèrè gan-an ló dorí kodò. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀rọ kì í ní rẹsístọ̀ lọ́wọ́ kó tó máa wá ààlà kiri. Ààlà ló ti mọ̀, rẹsístọ̀ ló ń wá. Èrò mi ni pé ètò tó tọ́ fún iṣẹ́ yìí ni kí a kọ́kọ́ pinnu bí àlàfo tó wà láàárín ààlà méjèèjì yóò ṣe fẹ̀ tó, kí a gba ìwọ̀n náà lọ́wọ́ ohun tí a fẹ́ ṣọ́, kí a wá béèrè pé fólítì mélòó ni ẹnu ìjáde ọ́pù-áńpù ń dé ní ti òótọ́, kí ọ̀rọ̀ ibi tí àlàfo náà yóò jókòó sí sì kẹ́yìn.

Àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ nílé tí wọ́n ti ń lo sólà ni ẹ̀rọ tó ń já lóòdù kúrò lára bátìrì òjé àti ásíìdì, oní-fólítì 12, kí bátìrì má baà gbẹ kọjá ààlà. Ká ní 11.5 la fẹ́ kí rìléè ti já. Bí ààlà bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, bí rìléè bá ṣe ń já báyìí ni fólítì bátìrì á fò sókè, nítorí pé iná tó ń ṣàn jáde ló ń fà á wálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kọ̀mpárétọ̀ á rí i pé ó ti ju 11.5 lọ, á so lóòdù padà. Fólítì á tún wálẹ̀, rìléè á tún já, á sì máa dún tátátátá títí ojú irin inú rẹ̀ á fi jóná. Fífò yìí ṣeé ṣírò. Bí lóòdù bá ń gba áńpíà 20, tí ìdènà inú bátìrì àti ti wáyà pa pọ̀ bá jẹ́ 0.03 óòmù, 20 nígbà 0.03 jẹ́ 0.6, ìyẹn ni pé fólítì á gbéra pẹ̀lú 0.6 ní kété tí lóòdù bá kúrò. Lẹ́yìn náà, ásíìdì inú bátìrì á máa pọ̀ mọ́ra díẹ̀díẹ̀, fólítì á sì máa gòkè sí i fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Àlàfo tí kò bá ju 0.6 lọ kò wúlò níbí rárá. Ẹ jẹ́ ká mú fólítì 1: kí ó já ní 11.5, kí ó sì so padà ní 12.5 nígbà tí oòrùn bá ti ń fún bátìrì ní iná. Ẹ kíyè sí i pé a kò tíì dárúkọ rẹsístọ̀ kankan.

Ọ́pù-áńpù LM358 la ó lò, pẹ̀lú fólítì 5 láti inú 7805. Ẹnu aláyọkúrò rẹ̀ gba fólítì ìtọ́ka 2.5 láti ara TL431. Rẹsístọ̀ mẹ́ta ló pàdé ní ẹnu aláròpọ̀: R1 wá láti orí bátìrì, R2 wá láti ẹnu ìjáde, R3 sì lọ sí ilẹ̀. Nígbà tí ẹnu ìjáde bá wà lókè, lóòdù wà lórí bátìrì. Ìdápadà tó ń gba inú R2 ló ń bí ààlà méjì, nítorí pé nígbà tí ẹnu ìjáde bá wà lókè, ó ń ran bátìrì lọ́wọ́ láti gbé ẹnu aláròpọ̀ dúró, bátìrì sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dáadáa kó tó di pé nǹkan yí. Nígbà tó bá wà nísàlẹ̀, ó ń fà á sẹ́yìn, bátìrì sì gbọ́dọ̀ gòkè dáadáa. Ìlànà yìí ti pẹ́: Otto Schmitt, ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ ní 1934 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tube oníná ló sì fi ṣe é. Ní ìṣẹ́jú tí nǹkan fẹ́ yí, ẹnu aláròpọ̀ wà ní 2.5 gẹ́lẹ́, iná tó wọlé gba inú R1 àti R2 sì bá èyí tó ń gba R3 jáde dọ́gba. Bí a bá kọ èyí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fún ìgbà tí ẹnu ìjáde wà lókè (VH) àti ìgbà tó wà nísàlẹ̀ (V0), tí a sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ohun tó ṣẹ́kù nìyí:

```
VU - VL = (VH - V0) × R1 / R2
```

VU ni ààlà òkè, VL ni ti ìsàlẹ̀. Fólítì ìtọ́ka ti pòórá, R3 náà ti pòórá. Àlàfo kò mọ ohunkóhun ju ìpín R1 sí R2 àti bí ẹnu ìjáde ṣe ń rìn jìnnà tó. Ibi tí èrò mi ti fìdí múlẹ̀ nìyí: nítorí pé R3 kò ní ọwọ́ nínú àlàfo, a lè parí ọ̀rọ̀ àlàfo pátápátá, ká wá lo R3 láti gbé e lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ láìbà á jẹ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látorí R3 yóò máa lé ààlà méjèèjì kiri ni, torí pé gbogbo ìgbà tó bá tún R2 ṣe, ohun tó ti tò tẹ́lẹ̀ á tún yí.

Ìṣòro gidi wà nínú VH. Ẹni tó bá gba ìwé gbọ́ á ní iná fólítì 5 ló wọlé, 5 náà ni ẹnu ìjáde á dé. LM358 kì í dé ibẹ̀. Nígbà tó bá wà lókè, ó máa ń fi nǹkan bíi fólítì kan ààbọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ iná tó ń jẹ, nítorí náà 3.5 ni ká kà á sí. Nísàlẹ̀, ó lè súnmọ́ òdo gan-an, bí iná tó ń wọ inú rẹ̀ bá kéré. Pẹ̀lú 3.5 àti òdo, àlàfo 1 ní kí R2 jẹ́ ìlọ́po 3.5 R1. Bí R1 bá jẹ́ 100k, R2 á jẹ́ 350k. Ní ààlà òkè, iná tó gba R1 jẹ́ máíkírò-áńpíà 100, R2 sì mú nǹkan bíi 7.1 lọ; 92.9 tó kù ló gbọ́dọ̀ gba R3 lábẹ́ fólítì 2.5, R3 á sì jẹ́ bíi 26.9k. Lọ́jà, 360k àti 27k la ó rí rà. Bí a bá tún un ṣírò pẹ̀lú àwọn wọ̀nyí, ààlà òkè á bọ́ sí 12.45, ti ìsàlẹ̀ sí 11.48, èyí tó dára tó. Ẹ wá wo ẹni tó gba 5 gbọ́. Ìṣirò rẹ̀ á fún un ní R2 tó jẹ́ 500k, á sì rò pé àlàfo òun jẹ́ fólítì 1. Àlàfo gidi á jẹ́ 0.7, rìléè á sì máa já ní 11.8. Kò jìnnà mọ́ sí 0.6 tí bátìrì ń fò ní kíákíá, bí ásíìdì bá sì tún gbé e sókè díẹ̀, ariwo tátátátá á padà dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí ìwé kò sí àṣìṣe kankan.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a ń dààmú, rẹsístọ̀ àyípo wà, ká yí i títí tó fi bá ohun tí a fẹ́ mu. Mi ò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ yí i gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń yí. Tó bá fi sí ipò R3, ààlà méjèèjì á jọ rìn, àlàfo kò sì ní yí. Tó bá fi sí ipò R2, ọ̀kan á gòkè, èkejì á sọ̀kalẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n fi rìn kò sì ní dọ́gba. Nítorí náà R2 ni kí a kọ́kọ́ tò, kí R3 tẹ̀lé e. Ìṣirò kan náà ló ń sọ ibi tó yẹ ká náwó sí. Bí R3 bá fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ààlà méjèèjì á yẹ̀ ní nǹkan bíi fólítì 0.46, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àlàfo. Bí R2 bá yàtọ̀ bákan náà, àlàfo á yí ní bíi 0.05 péré. R1 àti R3 ló yẹ kó jẹ́ ti ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. R2 kò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Àtakò tó wúwo ju ìyẹn lọ ni pé ọ́pù-áńpù kì í ṣe kọ̀mpárétọ̀, LM393 ló yẹ ká lò. Òótọ́ ni pé ọ́pù-áńpù lọ́ra, àwọn mìíràn bíi NE5532 sì ní dáyóòdù láàárín ẹnu ìwọlé méjèèjì tí kò jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra wọn. Irú bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá. LM358 kò ní dáyóòdù bẹ́ẹ̀, bátìrì tó sì ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó wálẹ̀ kò bìkítà fún máíkírò-sẹ́kọ́ńdù mélòó kan. LM393 fúnra rẹ̀ kò sì gbà wá lọ́wọ́ ìṣòro VH, ó kàn gbé e síbòmíràn ni: kò lè ti iná jáde fúnra rẹ̀, rẹsístọ̀ tó so mọ́ fólítì 5 ló ń gbé e sókè. Bí ẹnì kan bá fi 10k gbé e, tó sì tún fi 10k mìíràn darí iná láti ibẹ̀ lọ sí tiransístọ̀ rìléè, VH á wálẹ̀ sí bíi 2.85, àlàfo á sì sún kì.

Àwọn tó ní kàpásítọ̀ nìkan tó náà wà. Kàpásítọ̀ lè pa ìjì kékeré tí ínfátà ń dá sórí fólítì bátìrì, ṣùgbọ́n fífò bátìrì lẹ́yìn tí lóòdù bá ti já kì í ṣe ìjì, kì í lọ. Kàpásítọ̀ á kàn sọ ariwo rìléè di èyí tó ń falẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sì fi sí ẹnu aláròpọ̀ gan-an, ìdápadà tó yẹ kó yára ló ń dá dúró.

Bí ẹ̀rọ náà bá ti parí, kí a so ó mọ́ iná tó ṣeé yí dípò bátìrì, kí a gbé fólítì náà gòkè díẹ̀díẹ̀, kí a kọ ibi tó ti yí sílẹ̀, kí a tún sọ ọ́ kalẹ̀ bákan náà. VH kò kan ààlà òkè, V0 kò sì kan ti ìsàlẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà méjì yìí ń fi ẹ̀bi hàn. Bí ààlà méjèèjì bá jọ yẹ̀ sí apá kan náà, R1, R3 tàbí fólítì ìtọ́ka ni kí a yẹ̀ wò. Bí ọ̀kan bá gòkè tí èkejì sọ̀kalẹ̀, R2 ni. Bí ti ìsàlẹ̀ nìkan bá ga ju bó ti yẹ lọ, VH kò dé ibi tí a rò, bóyá torí ohun tí ẹnu ìjáde ń gbé ti pọ̀ jù. Bí ti òkè nìkan bá kéré jù, V0 kò sún mọ́ òdo mọ́, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n so iná atọ́nà kékeré láti fólítì 5 sí ẹnu ìjáde: LM358 kò lè gba ju nǹkan bíi máíkírò-áńpíà 50 mọ́ra nígbà tó súnmọ́ ilẹ̀, bí iná bá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ á gòkè dé bíi 0.7, ààlà òkè wa á sì sọ̀kalẹ̀ láti 12.45 sí 12.26.