"Kún" Kì í Ṣe Ìró Mẹ́ta

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwé àwọn ọmọdé kan tí mo kà láìpẹ́ sọ pé ìró mẹ́ta ló wà nínú "kún": k, u àti n. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Méjì péré ni. Àmì lásán ni n yẹn. Ó ń sọ fún wa pé fáwẹ̀lì náà jẹ́ àránmúpè, èémí ń gba imú àti ẹnu jáde pọ̀. Ẹ pe "iná": iwájú ahọ́n á kan èrìgì òkè. Ẹ wá pe "kún": kò ní kàn án. Síbẹ̀, bí ẹ bá yọ n kúrò, "odò kún" á di "odò kú". "Mú" wá ńkọ́? Àránmúpè ni fáwẹ̀lì tirẹ̀ náà, àmọ́ m ti fi hàn, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í kọ "mún".