Ojú Ìránpọ̀ Ni Ká Kọ́kọ́ Wò: Ìdámọ̀ Aṣọ Inú Fọ́tò

Fọ́tò ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù ńlá aláró ní Kaduna kì í pẹ́ gba orúkọ: "ẹ̀wù Haúsá" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa kọ sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò àti bí wọ́n ṣe dá ẹ̀wù náà ni wọ́n fi ṣe ìdájọ́. Ẹ̀rí méjèèjì kò tó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló sọ Kaduna di olú-ìlú Àríwá ní 1917, láti ìgbà náà sì ni Haúsá, Nupe, Yorùbá àti Ebira ti ń wá bá àwọn Gbagyi tó ti wà ní agbègbè náà. Olúkúlùkù ló gbé aṣọ tirẹ̀ dání. Èrò mi ni pé bí wọ́n ṣe hun aṣọ ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ká tó wo ọnà ara rẹ̀.

Ojú ìránpọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Lórí òfì àwọn ọkùnrin Yorùbá, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 ni wọ́n ń hun, tí wọ́n wá ń rán pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́. Turkudi tí wọ́n ń hun ní Kura, lẹ́bàá Kano, tẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀já kan lè má ju sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì lọ. Òfì tó dúró gangan ni àwọn obìnrin fi ń hun kíjìpá, àwọn obìnrin Ebira ní Okene náà sì ń lo irú rẹ̀. Aṣọ tiwọn fẹ̀, ìránpọ̀ ẹyọ kan tàbí méjì sì ti tó fún ìró. Kò sí rúlà nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó wọ aṣọ wà níbẹ̀. Bí ọ̀já kan bá fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọ̀nà òfì Yorùbá ti ń là. Bí kò bá ju ìka lọ, ẹ gba ọ̀nà Kano.

Ìbú nìkan kò lè dá ẹjọ́ tán, nítorí ọ̀já kente ti Gánà náà sún mọ́ ti aṣọ òkè. Níbẹ̀ ni ọnà ti wúlò. Nínú kente, òwú tó dábùú ló sábà ń gbé ọnà, nítorí náà ọnà máa ń yí padà bí ọ̀já ti ń gùn lọ, aṣọ a sì rí bí ojú páálí ayò onígun mẹ́rin. Nínú etù àti àwọn aṣọ òkè àtijọ́ mìíràn, ilà a máa bá òwú gígùn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aṣọ òkè òde òní máa ń da méjèèjì pọ̀, nítorí náà òfin yìí lágbára jù lórí aṣọ àtijọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀wù aláró wa. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú, ilà tó mọ́ díẹ̀ wà lára rẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀já rẹ̀ sì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Etù Yorùbá ni mo máa kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àyà rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀bẹ ṣóńṣó, èyí tí Haúsá ń pè ní aska. Ìyẹn kò sọ aṣọ náà di ti Kano. Àwọn alábẹ́rẹ́ Kano, Bida àti Ilorin ló mọ ọnà yìí, òwò sì ti pa ìlú wọ̀nyí pọ̀ tipẹ́tipẹ́. Ibì kan lè hun aṣọ, kí ibòmíràn kó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí i, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ sì wá láti ibì kẹta.

Ẹ̀tàn méjì ló kù. Èkíní ni aṣọ ilé iṣẹ́. Kaduna ni ilé iṣẹ́ Kaduna Textiles ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, United Nigerian Textiles sì tẹ̀lé e ní 1964. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè tẹ ilà òfì sórí aṣọ pẹlẹbẹ. Ohun tó máa tú u fó ni pé ojú ìránpọ̀ rẹ̀ kò ga, ilà rẹ̀ sì bára mu jù. Ọ̀já tí ọwọ́ hun tí wọ́n rán pọ̀ a máa yẹ̀ díẹ̀. Èkejì ni fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun. Fíìmù àtijọ́ kì í rí pupa dáadáa, nítorí náà àlàárì lè yọ bíi dúdú, kí aró sì mọ́ ju bó ti rí lójú lọ. Ẹni tó bá fi àwọ̀ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ pe àlàárì ní etù ti ṣìnà.

Nítorí náà, àkọlé tó tọ́ fún ẹ̀wù náà kì í ṣe "ẹ̀wù Haúsá", kì í sì í ṣe "ẹ̀wù Yorùbá". Ẹ kọ ọ́ báyìí: aṣọ ọlọ́jàá, ó jọ etù Yorùbá, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ onírú aska, wọ́n yà á ní Kaduna.