Etí Àwo Ni Agbára Ń Gbà Wọ Kàpásítọ̀

Àwòrán kàpásítọ̀ tó wà nínú ìwé físíìsì kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, yálà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí la ti ṣí ìwé náà ni tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù: àwo irin méjì dojú kọra, wáyà wọ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọfà sì wà lára wáyà. Ohun tí ọfà yẹn sọ nípa ìṣàn iná tọ̀nà. Ẹ̀sùn tí mo fi kan àwòrán náà ni pé ó dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wò ó á gbà pé agbára bá wáyà wá, ó la àwo kọjá, ó sì dúró sínú àlàfo tó wà láàárín àwo méjèèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àlàfo náà, níbi tí wáyà kankan kò dé, ni agbára ń gbà wọlé.

John Henry Poynting, olùkọ́ físíìsì ní Birmingham, ló fi òfin ọ̀rọ̀ yìí lélẹ̀ lọ́dún 1884. Níbi tí pápá iná mànàmáná àti pápá òòfà bá ti dábùú ara wọn, agbára ń ṣàn lọ sí ìhà tó dábùú àwọn méjèèjì:

S = E × B/μ₀

Ẹ jẹ́ ká mú òfin yìí wọ inú àlàfo. Pápá iná, E, lọ tààrà láti ara àwo kan dé ìkejì, ó sì ń le sí i bí kàpásítọ̀ ti ń gba iná. Maxwell ti fi hàn ṣáájú Poynting pé pápá iná tó bá ń yí padà máa ń bí pápá òòfà, bí iná kankan kò tilẹ̀ ré àlàfo náà kọjá. Nítorí náà, pápá òòfà, B, ń yí àárín gbùngbùn àlàfo po bí òrùka. Ìhà wo ló wá dábùú àwọn méjèèjì? Ọ̀nà àárín ni, láti etí wá sínú. Níwọ̀n bí S sì ti gbọ́dọ̀ dábùú E, kò lè gba ojú àwo wọlé láé. Ó ní láti máa bá ojú àwo lọ ní ìbú. Etí ni ìṣàn náà ti le jù. Ní àárín gbùngbùn, pápá òòfà ti di òfo, agbára kò sì ṣàn níbẹ̀ mọ́.

Ká fi ìṣirò dán an wò. Àwo róbótó méjì, sẹ̀ǹtímítà 10 láti àárín dé etí, sẹ̀ǹtímítà 1 sí ara wọn. Ká ní fóólìtì tó wà láàárín wọn ti dé 100, tí ìṣàn inú wáyà jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ámpíà. Agbára tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni fóólìtì lọ́nà ìṣàn: 0.0001 wáàtì. Ká wá gbàgbé wáyà, ká dúró sí etí àlàfo. E jẹ́ fóólìtì 10,000 fún mítà kan. B jẹ́ 2 × 10⁻¹² tẹ́sílà, ó kéré púpọ̀. S di nǹkan bíi 0.0159 wáàtì lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ẹ̀gbẹ́ tó yí àlàfo po fẹ̀ tó 0.00628 mítà onígun mẹ́rin. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: 0.0001 wáàtì padà wá, kò sì ku nǹkan kan tí ojú àwo ìbá gbà wọlé. Ìṣirò yìí fojú fo pápá tó tẹ̀ kọrọdọ létí àwo, ó sì fẹ́ kí iná máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá yára jù, E kò ní dọ́gba mọ́ láti àárín dé etí.

Kàpásítọ̀ tó wà nínú fáànù òkè àjà kò ní àwo pẹrẹsẹ. Fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ká jọ ni. Síbẹ̀ etí fíìmù náà ni agbára ń gbà wọlé. Iná wa ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà agbára ń wọlé nígbà 100, ó sì ń gba etí kan náà jáde nígbà 100, torí pé òòfà yí ìhà padà bí kàpásítọ̀ ti ń tú iná sílẹ̀.

Àtakò kan wà tó yẹ ká gbọ́. Ìṣirò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ìṣàn tó kàn ń yípo lójú kan kún S, kí àpapọ̀ má sì yí padà. Lọ́nà yẹn, a lè kọ òfin mìíràn tó mú agbára gba inú wáyà lọ sí àwo gẹ́gẹ́ bí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ti yà á. Ṣùgbọ́n òfin yẹn gbára lé ibi tí a bá yàn láti pè ní fóólìtì òdo. Bí a bá sọ àwo òsì di òdo, agbára gba ọ̀tún wọlé. Bí a bá sọ àwo ọ̀tún di òdo, ó gba òsì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àlàfo kò mọ yíyàn wa. Pápá méjì tó wà lójú ibẹ̀ gan-an ni Poynting lò, a sì lè wọn méjèèjì láìbéèrè ibi tí òdo wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ọn, tí mo sì fẹ́ kí olùkọ́ tó bá ya àwo méjì sójú pátákó tún fi ọfà mélòó kan sí ẹ̀gbẹ́ àlàfo, kí wọ́n kọjú sí àárín.