Kí Ni Wọn Ì Bá Rà?

Àlàájà tó ni ilé búrẹ́dì kan n'Íbàdàn ti fẹ́ san owó páànù tuntun kí akáúntáǹtì rẹ̀ tó ní kó dúró díẹ̀. Wọ́n ti fi búrẹ́dì kékeré dán ọjà wò, ó sì ń tà. Bí gbogbo ṣọ́ọ̀bù 40 tí wọ́n ń kó búrẹ́dì fún bá gbà á, 2,000 ni yóò máa lọ lójúmọ́. 600 náírà ni wọ́n ń tà á. Bí a bá yọ owó fùláwà, ṣúgà, yíìsì, gáàsì àti náílọ́ọ̀nù, 180 náírà ló kù lórí ọ̀kan. Àlàájà ṣírò rẹ̀: 360,000 náírà lójúmọ́.

Ọ̀dọ́mọbìnrin akáúntáǹtì náà kò jiyàn. Ó kàn béèrè pé, "Mà, àwọn tó ń rà á, kí ni wọn ì bá máa rà ká ní kò sí?"

Láti ibẹ̀ ni mo ti ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó fi búrẹ́dì ńlá sílẹ̀ tó mú kékeré kì í ṣe oníbàárà tuntun. Owó rẹ̀ ti àpò ọ̀tún bọ́ sí ti òsì ni, díẹ̀ sì já bọ́ lọ́nà, torí 300 náírà ni búrẹ́dì ńlá kan ń fi sílẹ̀ fún Àlàájà.

Kò méfò iye irú ẹni bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti pín ṣọ́ọ̀bù sí méjì: 20 gba búrẹ́dì kékeré, 20 yòókù tí títà wọn jọra kò gbà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fi ń kọ iye tí wọ́n ń tà sílẹ̀, torí pé ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àwọn kan ń tọ́ ohun tuntun wò lásán ni. Nígbà tí ọjà fìdí múlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan tó gbà á ń ta 50 kékeré lójúmọ́, ṣùgbọ́n búrẹ́dì ńlá wọn ti wálẹ̀ láti 100 sí 76.

Ẹlòmíràn ì bá kọ 24 sílẹ̀ bí àdánù. Òun ṣí ojú ìwé kejì. Ní ṣọ́ọ̀bù tí kò gba kékeré rárá, ńlá ti wálẹ̀ láti 100 sí 96, torí ilé búrẹ́dì mìíràn ti wọ àdúgbò. Mẹ́rin yẹn ì bá lọ bó ti wù kó rí. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré kọ́. 20 péré ni tirẹ̀.

Ó wá ṣírò rẹ̀. Ogún ní ṣọ́ọ̀bù 40 jẹ́ 800 búrẹ́dì ńlá. Lọ́nà 300 náírà, 240,000 jáde nínú 360,000. Òṣìṣẹ́ àti páànù tuntun gba 50,000. 70,000 ló kù lójúmọ́. Ká ní 24 ló lò, 22,000 péré ni ì bá rí, Àlàájà ì bá sì pa iṣẹ́ náà tì.

Lẹ́yìn náà ló fa ìlà kan, ó kọ 26 sábẹ́ rẹ̀: bí kékeré bá ń gba tó 26 ńlá lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, èrè ti tán. Àlàájà san owó páànù. Àmọ́ láràárọ̀ Mọ́ńdè, kí akáúntáǹtì náà tó wo iye kékeré tó tà, iye ńlá ló kọ́kọ́ ń wò.