Ìkòkò Ló Jẹ̀bi Ni, Àbí Ẹ̀rọ?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìdáná índọ́kíṣọ̀n tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún nǹkan iná ṣe ní Ibafo, lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ni kò ní àrùn kankan lára. Ẹjọ́ kan náà ni àwọn oníbàárà ń rò: wọ́n tẹ bọ́tìnnì, fáànù inú rẹ̀ ń fẹ́, ó ń ké pí-pí, E0 yọ lójú rẹ̀, ìkòkò sì tutù bó ṣe wà. Ẹlòmíràn ì bá ti máa tú nọ́ọ̀tì. Òun kì í yára tú nǹkan kan. Òòfà roboto kan tó yọ lára sípíkà àtijọ́ ló kọ́kọ́ máa ń nawọ́ mú, ìbéèrè tó sì máa ń bá a rìn ni pé, “Ìkòkò wo lẹ gbé lé e?”

Lọ́jọ́ tí mo jókòó tì í, ìyá kan tó ń se ìrẹsì Ọ̀fadà tà ní Mowe gbé tirẹ̀ dé. Owó gáàsì ló lé ìyá dé ìdí iná mànàmáná. Ó gbé ẹ̀rọ wálé tán, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ lé e, ẹ̀rọ ò dá a lóhùn. Ó dá a lójú pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ọ̀gá ní kó rán ọmọ nílé lọ kó gbogbo ìkòkò tó ní wá. Kí ọmọ tó dé, ó ti ẹnu mítà bọ ojú iná ara ògiri, ó rí i pé iná pé, torí pé iná tó bá lọ sílẹ̀ jù náà lè mú kí ẹ̀rọ yìí kọ iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì ọ̀tọ̀ ló máa ń gbé jáde fún ìyẹn.

Ó yẹ ká mọ ohun tó wà lábẹ́ gíláàsì náà ká tó lóye ohun tí òòfà fẹ́ ṣe. Kò sí iná tó ń jó níbẹ̀, kò sì sí irin tó ń pọ́n. Wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni wọ́n wé roboto sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ á gba iná 230 fóltì láti ara ògiri, á sọ ọ́ di iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, tó tó nǹkan bí 320 fóltì. Lẹ́yìn náà, tiransísítọ̀ ńlá kan á máa tan iná yìí sínú wáyà, á sì máa pa á, láti ìgbà 20,000 dé 40,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí irin bá wà lókè gíláàsì, agbára òòfà tó ń ti ara wáyà jáde á bí iná mànàmáná sínú ìdí irin náà, iná yẹn á máa yípo níbẹ̀, irin á sì gbóná fúnra rẹ̀. Ìkòkò ni ààrò. Gíláàsì kàn ń gba nínú ooru ìkòkò ni.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá irin wà lókè kó tó tú agbára rẹ̀ sílẹ̀. Kò ní ojú, kì í sì í wọn ìwúwo: ẹ gbé ọlọ lé e, kò ní dáhùn. Ohun tó ń ṣe ni pé á fi iná ránpẹ́ kan ta wáyà rẹ̀ jí, á sì dákẹ́, á máa gbọ́. Wáyà yẹn àti kàpásítọ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn á máa ju iná síra wọn, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ti lu agogo rí ti mọ èyí: tí nǹkan kan ò bá kan agogo, ìró rẹ̀ á pẹ́ kó tó kú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé e, á kú kíá. Ìdí ìkòkò tó dára ni ọwọ́ yẹn. Ó ń jẹ iná náà di ooru, lọ-bọ̀ á sì dópin láìpẹ́. Ẹ̀rọ á ka iye ìgbà tí iná lọ tó bọ̀. Bí ó bá kéré, ó mọ̀ pé ìkòkò ti dé. Bí ó bá pọ̀ ju iye tí àwọn tó ṣe é fi sínú rẹ̀, á gbà pé kò sẹ́ni lókè, á fi E0 hàn, á tún dán an wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Tí kò bá rí nǹkan kan títí, á pa ara rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń lo E0 fún èyí o. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ló ń jẹ́rìí.

Ọmọ kó ìkòkò mẹ́rin dé. Ọ̀gá dà wọ́n dojú bolẹ̀ sórí tábìlì, ó nu ìdí wọn pẹ̀lú àkísà, torí pé èédú àti ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò lè tan ọwọ́ jẹ.

Àkọ́kọ́ ni ìkòkò ọbẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn tó ń yọ́ àlòkù alumíníọ́mù máa ń rọ sínú yanrìn. Ó gbé òòfà lé e, òòfà yọ̀ bọ́ sórí tábìlì. “Injiníà, ṣebí irin ni?” ni ìyá wí. “Alumíníọ́mù ni, Ìyá. Ó wúwo, àmọ́ òòfà ò mọ̀ ọ́n.” Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Nínú irin tí òòfà ń fà, iná tó ń yára báyìí kì í wọlé jìnnà. Awọ ìdí rẹ̀ tó nípọn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà péré ló ń gbà kọjá. Ọ̀nà náà há, ìdènà pọ̀, ooru sì pọ̀. Nínú alumíníọ́mù, iná náà rí ààyè tó tó ìlọ́po márùn-ún èyí, alumíníọ́mù pàápàá sì ń gba iná kọjá dáadáa ju irin lọ. Iná á kàn rìn gbẹ̀fẹ́ kọjá, ooru ò ní tó nǹkan, lọ-bọ̀ inú wáyà ò sì ní tètè kú. Ohun kan náà ló ń ṣe bàbà. Ìkòkò amọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, kì í gba iná kọjá rárá.

Èkejì jẹ́ ìkòkò sitéènlẹ́ẹ̀sì tó ń dán. Níbí ni mo ti rí i pé iṣẹ́ ti mọ́ ọkùnrin yìí lọ́wọ́. Ó fi òòfà kan ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, kò dúró. Ìyá ti ń mi orí. Ó wá fi kan ìdí rẹ̀, òòfà sì gbá a mú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní láti fi èékánná yọ ọ́. Sitéènlẹ́ẹ̀sì pé oríṣi. Èyí tí wọ́n máa ń kọ 18/10 sí lára kì í sábà bá òòfà ṣọ̀rẹ́, nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ gidi máa ń lẹ awẹ́ sitéènlẹ́ẹ̀sì oríṣi mìíràn, èyí tí òòfà ń fà, mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á sì fi alumíníọ́mù há àárín kí ooru lè tàn káàkiri. Ìdí ló ń ṣèdájọ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́.

Ẹ̀kẹta ló lè tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Páànù ìdíǹkan tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́ ni, alumíníọ́mù ni gbogbo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ irin pẹlẹbẹ tó ní ihò wínníwínní mọ́ àárín ìdí rẹ̀. Òòfà mú un. Ọ̀gá ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń fa òòfà náà díẹ̀díẹ̀ láti àárín lọ sí etí, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ìdí páànù fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ibi tí irin wà ò ju 11 lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń fẹ́ kí irin náà fẹ̀ tó nǹkan bí 12. Ó gbé e lé ẹ̀rọ, iná tàn, ó kú, ó tún tàn. Ẹ̀rọ ń ṣiyèméjì. Irú páànù bẹ́ẹ̀ á din ẹyin láàárín, etí rẹ̀ á sì wà ní tútù.

Ẹ̀kẹrin ni ìkòkò tánńganran ìgbà ìyàwó ìyá. Irin ni inú rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà tó ń dán yẹn, òòfà sì lẹ̀ mọ́ ọn gbàgà. Ọ̀gá gbé etí rúlà lé ìdí rẹ̀, ó wo ìmọ́lẹ̀ tó ń gba abẹ́ rúlà kọjá. Àárín rẹ̀ ti lọ́ wọnú díẹ̀. Ó ní ó ṣì wúlò fún omi àti ìrẹsì, ṣùgbọ́n kí ìyá má fi yọ́ epo ayamaṣe: ó fẹ́lẹ́, ẹ̀rọ yìí sì ń yára, epo lè gbaná kí èèyàn tó yíjú.

Wọ́n bu omi sínú sitéènlẹ́ẹ̀sì, wọ́n gbé e lé ẹ̀rọ tí ìyá ní ó bàjẹ́, kò sì pẹ́ tó fi ń hó. Owó àyẹ̀wò nìkan ló gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mìíràn wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tó ń fi E0 kan náà hàn, lórí ìkòkò sitéènlẹ́ẹ̀sì kan náà. Ìyẹn ló tú. Ó yọ ọ́ kúrò lójú iná, ó dúró, ó sì fa iná tó ṣẹ́kù nínú kàpásítọ̀ jáde kó tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, torí iná inú rẹ̀ lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Ó wá so gílóòbù 100 wáàtì kan mọ́ ojú ọ̀nà iná tó fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ. Bí tiransísítọ̀ ńlá bá ti jó, gílóòbù yẹn á tàn yòò, nǹkan mìíràn ò sì ní bàjẹ́ kún un. Gílóòbù ò tàn, ó kàn ń ṣẹ́jú bí ẹ̀rọ ṣe ń dán wáyà rẹ̀ wò. Nítorí náà, ẹ̀rọ ń lu agogo. Gbígbọ́ ni kò gbọ́ dáadáa. Kò wá a káàkiri. Ó lọ tààrà síbi àwọn rẹsísítọ̀ tó ń gbé ìròyìn láti ara wáyà lọ fún ibi tó ń kà á. Ó tú ẹsẹ̀ kan lára ọ̀kan nínú wọn kó tó wọ̀n ọ́n. Àmì ara rẹ̀ sọ 330 kílóómù, mítà sì sọ ohun tó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Kò jóná, àwọ̀ rẹ̀ ò yí padà, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ìkòkò gbóná.

Àwọn kan máa ń bẹ ọ̀gá pé kó yọ ìdánwò tí ẹ̀rọ fi ń wá ìkòkò yìí kúrò kí ẹ̀rọ lè gba ìkòkò alumíníọ́mù. Kì í gbà. Iná tí kò rí irin jẹ ẹ́ á padà sórí tiransísítọ̀, òun ni yóò sì jó. Irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń tà láti gbé sábẹ́ ìkòkò, ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin náà ló ń gbóná ṣáájú ìkòkò, ó ń jẹ iná dànù, ó sì lè gbóná kọjá àlà lórí gíláàsì.

Ẹ̀yin tó ń lọ ra ìkòkò, ẹ mú òòfà dání lọ sọ́jà. Ìdí ni kẹ́ ẹ fi kàn, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Kó gbá a mú gírígírí láti àárín dé etí, kí ìdí náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí ìkòkò bá yege tí E0 ò sì kúrò lójú ẹ̀rọ, ìgbà yẹn ló tó àsìkò láti gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.