Ìgúnlẹ̀ Tí Ó Rán Òǹkàwé Níṣẹ́: Àyẹ̀wò Abala Ìparí nínú Ìwádìí lórí Ẹ̀ka-Èdè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Bébà yìí yẹ abala ìgúnlẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹ̀ka-èdè wò. Ó wọ́pọ̀ kí irú abala bẹ́ẹ̀ tún ohun tí a ti kà sọ, kí ó sì parí rẹ̀ pé ó yẹ kí àwọn onímọ̀ mìíràn tẹ̀ síwájú. Èrò bébà yìí ni pé gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Babaláwo kì í sọ fún ẹni tí ó wá dífá pé kí ó ṣáà rúbọ; ó ń ka ohun ẹbọ fún un ni.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà yéni. Nínú àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù-ìlà-oòrùn, tí Ìjẹ̀bú wà lára wọn, arọ́pò-orúkọ kan náà ni ó dúró fún ẹni kejì ọ̀pọ̀ àti ẹni kẹta ọ̀pọ̀. ‘Àn án wá’ lè jẹ́ ‘ẹ wá’, ó sì lè jẹ́ ‘wọ́n wá’. Ká ní olùwádìí kan yẹ èyí wò ní Ìkòròdú, tí ó wá kọ ọ́ sí ìparí pé kí ẹlòmíràn wádìí síwájú sí i ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀pẹ́ wo? Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ọdún 1851, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò bá a lọ. Ìdí nìyí tí a fi ní Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́. Bí ó bá ṣe pé ọ̀dọ̀ Èkó Ẹ̀pẹ́ nìkan ni ẹni tí a rán lọ ti rí abẹ́nà-ìmọ̀, ó lè gbọ́ ‘ẹ’ àti ‘wọ́n’ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì kéde pé àbọ̀ ti Ìkòròdú kò kan Ẹ̀pẹ́ rárá. Inú ìgúnlẹ̀ ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀ tí ó yẹ ì bá sọ báyìí: kí a gba ohùn àgbà mẹ́ta sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti mẹ́ta ní Èkó Ẹ̀pẹ́, kí a kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ìlú tí òbí wọn ti wá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì sọ ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí arọ́pò-orúkọ méjèèjì lè jáde. Bí apá kan bá lo ẹyọ kan fún méjèèjì, tí apá kejì sì yà wọ́n sọ́tọ̀, ìtàn ìtẹ̀dó ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà. Bí apá méjèèjì bá yà wọ́n sọ́tọ̀, a jẹ́ pé ó yẹ kí a tún bi àwọn ọ̀dọ́ Ìkòròdú léèrè, bóyá ìlò náà ń kú lọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìgúnlẹ̀ ránni kò gbọdọ̀ kọjá ẹ̀rí inú ìwé. Ìwádìí lórí arọ́pò-orúkọ kò ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi dúró láti pàṣẹ bí a ó ṣe máa kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́. Àgbà mẹ́fà pẹ̀lú kò tó láti parí ọ̀rọ̀ ìlú kan. Wọ́n kàn tó láti fi hàn ibi tí ó yẹ kí a wá púpọ̀ sí i.

Ọ̀nà kan wà tí olùkọ̀wé lè gbà dán ìgúnlẹ̀ rẹ̀ wò: kí ó gé e kúrò, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí bébà mìíràn. Bí ó bá bá a mu níbẹ̀, kí ó tún un kọ.