Kí Ló Gbé Àkókò Lọ Nídìí Ọpọ́n Ayò?

Bàbá kan jẹun ọ̀sán tán, ó ní kí òun ta eré kan péré kí òun tó kọrí sọ́jà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ máa fi wá pè é, àwọn adìyẹ ti ń wọlé sùn. Bàbá búra pé wákàtí kan kò tíì kọjá. Irọ́ kọ́ ló ń pa, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú. Àwọn òǹwòran tó yí wọn ká, tí wọ́n ń fi ọ̀pẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn náà kò mọ ìgbà tí oòrùn fi wọ̀. Ẹjọ́ yìí kì í ṣe ti ìwà bàbá nìkan. Ọpọ́n náà ní ohun tó ń ṣe fún ènìyàn, ohun náà ni ó sì yẹ kí a tú wò.

Ẹni tó ṣe ìwádìí irú nǹkan báyìí dáadáa ni Mihaly Csikszentmihalyi, ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì tí wọ́n bí ní 1934, tó wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Ṣikágò ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ó ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ayàwòrán lẹ́nu iṣẹ́. Ó rí i pé bí iṣẹ́ bá ti ń yọ dáadáa, ebi kò sí, àárẹ̀ kò sí. Àmọ́ ní kété tí àwòrán bá parí, wọn a gbé e ti ara ògiri, wọn kò sì ní bojú wò ó mọ́. Owó kọ́ ni wọ́n ń lé, kì í tilẹ̀ ṣe àwòrán fúnra rẹ̀. Yíyà rẹ̀ ni. Ó wá lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń gun àpáta lẹ́nu wò, pẹ̀lú àwọn ata-ṣẹ́ẹ̀sì, àwọn oníjó àti àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1975. Ìṣàn ni ó pè é, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ńṣe ló dà bí ẹni pé omi ń gbé àwọn lọ.

Ohun mẹ́ta ló ní ó máa ń wà níbẹ̀ kí ìṣàn tó lè ṣẹlẹ̀. Kí ẹni náà mọ ohun tó kàn láti ṣe. Kí ó máa rí èsì ohun tó ṣe lójú ẹsẹ̀. Kí ìṣòro iṣẹ́ náà sì wà ní ìwọ̀n agbára rẹ̀: bí ó bá ju agbára lọ, ọkàn a máa já, bí agbára bá ju ìṣòro lọ, iṣẹ́ a sú ènìyàn. Csikszentmihalyi kò mẹ́nu ba ayò nínú èyí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ohun èlò tó máa mú gbogbo rẹ̀ ṣẹ, agbára káká ni yóò fi rí ohun tó sàn ju ọpọ́n onílé 12 àti ọmọ ayò 48 lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ojú ọpọ́n kan. Ẹni kọ̀ọ̀kan ní ilé 6 níwájú rẹ̀, a sì ń ta lọ sí apá ọ̀tún. Ẹni tó bá kó 25 ti borí, torí náà kò sí ẹni tí yóò bèèrè pé kí ni a ń wá. Ó kan ọ̀ta báyìí. Ilé kẹrin rẹ̀, láti ọwọ́ òsì, ní ọmọ 5. Lọ́hùn-ún, ilé mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yóò dé lọ́dọ̀ ẹnìkejì ní ọmọ 1, 2 àti 1. Bí ó bá ta 5 yẹn, méjì á bọ́ sí ilé tirẹ̀, mẹ́ta tó kù á sọ àwọn ilé ọ̀hún di 2, 3 àti 2. Òfin ayò sì ni pé bí ọmọ tó kẹ́yìn bá sọ ilé ẹni ẹlẹ́ni di 2 tàbí 3, jíjẹ ni, a ó sì máa jẹ bọ̀ sẹ́yìn níwọ̀n ìgbà tí àwọn ilé tó tẹ̀ lé e bá ṣì jẹ́ 2 tàbí 3. Ọmọ 7 nìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó dùn, àbí? Ṣùgbọ́n ọ̀ta kò tíì nawọ́. Ó ti rí i pé ilé karùn-ún ẹnìkejì ní ọmọ 3, pé àwọn 3 náà yóò gba ilé kan kọjá, wọn yóò sì bọ́ sí ilé kìíní àti ìkejì òun, níbi tí ọmọ 1 àti 2 wà. Bí òun bá jẹ 7, òun yóò san 5. Ṣé kí òun kọ́kọ́ ta 2 inú ilé kejì lọ, kí ẹnìkejì má rí i jẹ? Ọmọ kejì nínú rẹ̀ á bọ́ sí ilé kẹrin, 5 á di 6, kò ní dúró síbi tó yẹ kó dúró mọ́, ọmọ 7 á sì sálọ. Nítorí náà, ó jẹ 7, ó san 5, ó sì ń wo bí èyí tí wọ́n jẹ yẹn ṣe tún ojú ọpọ́n ṣe. Gbogbo ìṣirò yìí kò gbà ju ìmí mélòó kan lọ. Lẹ́yìn náà, ọmọ ayò a máa dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ bọ́ sínú ilé, èsì á sì jáde kí ọwọ́ tó kúrò lórí ọpọ́n. Ẹlòmíràn tilẹ̀ tún ń tọ́jú odù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ilé tó kún fọ́fọ́ tí yóò yí ọpọ́n ká lọ́jọ́ tó bá tú u. Òun sì ní láti máa rántí iye tó wà nínú rẹ̀ bí ó ti ń ta àwọn tó kù.

Ohun kẹta, ìyẹn ìwọ̀n agbára, kò sí lára igi ọpọ́n. Ẹni tó jókòó sódìkejì ló ń gbé e wá. Kò sí oríire nínú ayò, kò sí ohun tí a ń jù sókè tó lè gba ọ̀pẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí eré láàárín ọ̀ta àti ọ̀pẹ̀ fi máa ń gùn bí ìwàásù: ọ̀ta ń yán, ó ń kí àwọn tó ń kọjá, ó ń gbọ́ igbe ọmọdé láti ilé aládùúgbò. Ọ̀pẹ̀ ní tirẹ̀ ń làágùn. Kò sí èyí tí eré gbé lọ nínú àwọn méjèèjì. Àwọn olùwádìí ará Jámánì méjì, Johannes Keller àti Herbert Bless, ṣe àfiwé irú èyí ní 2008 pẹ̀lú eré Tẹ́tíríìsì orí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ṣe é kí ó rọrùn jù fún àwọn kan, kí ó le jù fún àwọn mìíràn, kí ó sì máa bá agbára àwọn tó wà ní ẹ̀ka kẹta lọ bí ó ti ń yí padà. Àwọn tí eré bá agbára wọn mu ni wọ́n gbádùn rẹ̀ jù, àwọn ló sì ní àkókò sáré.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi sáré? Ìdánwò kan tí Robert Hicks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 1976 là wá lójú. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa já káàdì sílẹ̀. Àwọn kan ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, àwọn kan ń pín in sí méjì gẹ́gẹ́ bí àwọ̀, àwọn kan sì ń pín in sí mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí àmì ara rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti kìlọ̀ fún ṣáájú pé wọn yóò bi wọ́n léèrè iye àkókò tó lọ, bí iṣẹ́ wọn ṣe le tó ni àkókò ṣe kúrú lójú wọn tó. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà, tí Dan Zakay àti Richard Block ṣàlàyé rẹ̀ kúnná, ni pé kíka àkókò fúnra rẹ̀ ń jẹ àkíyèsí. Àkíyèsí kan náà tí ọmọ ayò ń jẹ ni. Bí ọ̀ta bá fi gbogbo rẹ̀ ṣírò 7 àti 5, kò sí èyí tó ṣẹ́kù tí yóò fi ka ìṣẹ́jú. Àwọn ìṣẹ́jú náà kọjá. Ẹni tí yóò kà wọ́n ni kò sí nílé.

Apá kejì ìdánwò yẹn ni àwọn èèyàn kì í sábà sọ. Àwọn tí wọn kò kìlọ̀ fún, tí wọ́n kàn bi lẹ́yìn iṣẹ́, kò sí ìyàtọ̀ kan gbòógì láàárín ẹni tó pín káàdì sí mẹ́rin àti ẹni tí kò pín in rárá. Ẹni tí a bá bi lẹ́yìn, inú ìrántí ló ń lọ wò: àwọn nǹkan wo ló yí padà láàárín ìgbà yẹn? Bó bá rí ọ̀pọ̀ ìyípadà, á ní ó pẹ́. Níbí, ibùdó ayò tún ní ọgbọ́n kejì. Ìjókòó kan náà, abẹ́ igi kan náà, ọpọ́n kan náà, ojú àwọn ènìyàn kan náà, eré kan ń wọ inú òmíràn láìsí ààlà. Bàbá tí a bi léèrè ní àṣálẹ́ kò kà á nígbà tó ń lọ, kò sì rí ohun púpọ̀ fi kà á nígbà tó lọ tán.

Èyí ló mú kí ó ṣòro láti gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé àkókò tó pòórá ni ẹ̀rí ìṣàn. Csikszentmihalyi fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa dókítà kan tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn, tó lè sọ iye tí aago lù nígbàkigbà láàárín iṣẹ́ láìwo aago, tí kò sì ní fi ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ ṣì í. Ó tún sọ nípa àwọn oníjó tí ìyípo kan tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan máa ń gùn lójú wọn bí ẹni pé ìṣẹ́jú púpọ̀ ni. Dókítà yẹn wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ pátápátá. Àkókò kò sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí pé àkókò wà lára iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ata-ṣẹ́ẹ̀sì nínú ìdíje, tí aago wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó rẹ̀. Ayò kò ní aago. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wá láti ibi tí kò dára. Natasha Dow Schüll, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ní Las Vegas, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 2012. Àwọn ènìyàn yẹn sọ fún un pé jíjẹ owó kọ́ ni àwọn ń wá mọ́; àwọn fẹ́ wà níbi tí ayé kò ti sí, kí ẹ̀rọ sì máa bá àwọn lọ. Ohun tó kàn hàn kedere: tẹ bọ́tìnnì. Èsì ń wá lójú ẹsẹ̀. Wákàtí sì ń lọ gẹ́rẹ́ bíi ti ìdí ayò gan-an. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ọgbọ́n tó lè dàgbà, nítorí pé ẹ̀rọ ló ń pinnu ohun tí yóò bọ́ síta. Bi ọ̀ta léèrè ibi tí eré ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò fi ìka tọ́ka sí ilé tó yẹ kó tú tí kò tú. Ẹni tó dìde nídìí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kò ní ilé kankan láti tọ́ka sí. Ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí a fi dá àwọn méjèèjì mọ̀, kì í ṣe iye wákàtí tó lọ.

Ní ti ẹni tó fẹ́ ta ayò, tó sì ní ibi tó ń lọ, ìpinnu pé òun yóò máa ṣọ́ aago kò lè ràn án lọ́wọ́, torí àkíyèsí tí yóò fi ṣọ́ ọ ni ọpọ́n yóò kọ́kọ́ gbà. Kí ó so àkókò mọ́ eré náà gan-an: kí òun àti ẹnìkejì fohùn ṣọ̀kan lórí iye eré kí wọ́n tó pín ọmọ ayò, tàbí kí ó tẹ fóònù rẹ̀ kó máa dún ní aago kan pàtó, kí ó sì gbé e fún òǹwòran tí kò fẹ́ràn rẹ̀.